Bí Ẹ Ṣe Máa Pe Ẹni Tó Yege Wá Sórí Fóònù Láti Sọ̀rọ̀ Iṣẹ́ àti Ọjọ́ Tó Máa Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Òṣogbo ló mọ bí wọ́n ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni àárín ọjọ́ tí wọ́n yan ẹni náà sí ọjọ́ tó yẹ kó wọlé. Wọ́n á tẹ "Ẹ kú oríire, ẹ pè mí" ránṣẹ́ láti nọ́ńbà tí ẹni náà ò rí rí. Lẹ́yìn náà, ẹni náà lè rò pé gbájúẹ̀ ni, kó sì pa á tì. Ó lè fò fáyọ̀, kó kọ̀wé fi ibi iṣẹ́ tó wà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ iye owó fún un. Ó sì lè pè lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ò mọ ọjọ́ tó lè wọlé, ọ̀gá náà ò mọ iye tó lè san, ọ̀rọ̀ á wá parí sí "a ó máa bára wa sọ̀rọ̀".

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ìtajà oògùn kan ní Òkè-Fìà fẹ́ gba akọ̀wé owó. Ẹni tó yege jẹ́ obìnrin tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta ní Ẹdẹ, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ san 110,000 náírà lóṣù, ó sì fẹ́ kó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2026.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó tẹ ohunkóhun ránṣẹ́

- Iye owó oṣù tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí, àti ibi tó lè gbé e dé bí ẹni náà bá bẹ̀bẹ̀ fún àfikún.
- Ọjọ́ méjì: èyí tí ẹ fẹ́ kó wọlé, àti èyí tí ẹ ò lè dúró kọjá rẹ̀.
- Àkókò iṣẹ́ lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ lọ́sẹ̀, iye oṣù tí ẹ máa fi wò ó, àti bóyá ẹ ń gba onídùúró.
- Kàlẹ́ńdà tó fi ọjọ́ ìsinmi ìjọba hàn.
- Fáìlì ẹni tó yege àti ti ẹni tó ṣe ìkejì. Ẹ má tíì sọ fún ẹni ìkejì pé kò rí iṣẹ́ náà gbà.
- Fóònù tó ní kírẹ́díìtì, tó sì ti gba iná tó pọ̀ tó. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pè gan-an ni iná mànàmáná máa ń lọ.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ láàárín ara yín

Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ni owó, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe aṣojú rẹ̀ nìkan. Ní ilé iṣẹ́ tí ìyàwó ń mójú tó ọjà, tí ọkọ ń mójú tó àpò, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbọ́ iye kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé kan: owó, ọjọ́, àkókò, àti ẹni tó láṣẹ láti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí àfikún lórí fóònù.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà jù níbí ni iye owó tí kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa. Ṣé 110,000 náírà ni ohun tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀, àbí iye tí ẹ máa yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀? Bí òṣìṣẹ́ yín bá tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 kàn yín. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ á lọ sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì fi ìdá 10 kún un láti àpò tiyín. Ilé ìtajà oògùn tiwa yìí ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, nítorí náà òfin yẹn ò mú wọn dandan. Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gbangba sórí ìwé pé 110,000 ni owó kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, kí wọ́n sì ti ṣírò ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Ohun kejì tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n jókòó ni pé ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá jẹ́ ìsinmi òmìnira. Lọ́dún 2026, Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. Ilé iṣẹ́ tó bá ní kí òṣìṣẹ́ tuntun wọlé lọ́jọ́ náà á pè é wá bá ilẹ̀kùn títì. Kàlẹ́ńdà ló yẹ kó yan ọjọ́, kì í ṣe pé oṣù tuntun dùn ún gbọ́ létí. Irú ìwòye kan náà ló yẹ nínú oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ọ̀nà Ọjà Ọba sí igbó Ọ̀ṣun máa ń dí ní ọjọ́ àṣekágbá, ẹni tó ń ti Ẹdẹ tàbí Ìkìrun bọ̀ kò sì ní tètè dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bi àwọn tó ni ìpinnu lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Èló la fẹ́ san, ọjọ́ wo la sì fẹ́ kó wọlé?" Bí èsì wọn ò bá jọra, ẹ ò tíì ṣe tán láti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ìpele 2: Ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ máa fi pè é wá sórí fóònù

Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìpè náà wà fún, àti ìgbà tó máa wáyé. Ó sì gbọ́dọ̀ dá ẹni náà lọ́wọ́ dúró kó má bàa fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jọ́. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ lóde òní ti gba oríṣiríṣi àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní "ẹ ti yege, ẹ san owó fọ́ọ̀mù". Ohun tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé tiyín yàtọ̀ ni nǹkan tí oníjìbìtì ò lè mọ̀: ọjọ́ tó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àdúgbò ilé iṣẹ́ yín, àti orúkọ iṣẹ́ tó bèèrè fún gan-an.

Èyí ni ohun tí ilé ìtajà oògùn náà fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Mo yọ orúkọ kúrò:

> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Arábìnrin ………. Èmi ni ………, alábòójútó ilé ìtajà oògùn ……… ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ akọ̀wé owó ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù yìí.
>
> Inú wa dùn láti sọ fún yín pé ẹ̀yin la yàn. A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún bí ogún ìṣẹ́jú, lórí owó oṣù, àkókò iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn. Èmi àti ọ̀gá wa la máa wà lórí ìpè náà.
>
> Ṣé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, ní agogo márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ rọ̀ yín lọ́rùn, àbí Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀? Nọ́ńbà yìí kan náà la máa fi pè yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú.
>
> Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ bá wa wo ìwé àdéhùn ibi iṣẹ́ yín báyìí, kí ẹ lè mọ iye ọjọ́ nótíìsì tí wọ́n ń béèrè. Ẹ má tíì kọ̀wé fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí lẹ́tà wa á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí ẹ ó sì ti fọwọ́ sí i. A kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́.

Ẹ wo gbólóhùn "Kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn". Kékeré ni, ṣùgbọ́n láìsí i, ẹni náà á fi gbogbo òru ka ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ owó, á sì dé orí fóònù pẹ̀lú ọkàn tó ń lù kìkì. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kó wá pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbéèrè tirẹ̀.

Ní ti owó oṣù, bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ tún un sọ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, kí ó má bàa rò pé ó ti yí padà. Bí ẹ ò bá tíì dárúkọ rẹ̀, èmi fara mọ́ kí ó di orí fóònù, níbi tí ẹ ti lè ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa yọ.

Ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn: ẹ má kọ "ẹ ti di òṣìṣẹ́ wa" tàbí "ẹ wọlé ní ọjọ́ báyìí báyìí" sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Àdéhùn iṣẹ́ kò di dandan kó wà lórí ìwé kó tó múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́, tí òun sì dáhùn pé òun gbà, lè di àdéhùn, nígbà tí ẹ ò tíì sọ ohun kan nípa onídùúró tàbí oṣù ìdánwò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà kà. Kó sọ fún yín ẹni tó kọ ọ́, ohun tí ìpè náà wà fún, ọjọ́ àti aago, àti ohun tí ẹni tó gbà á kò gbọ́dọ̀ tíì ṣe. Bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan, ẹ tún un kọ.

Ìpele 3: Ẹ fi ránṣẹ́ ní àkókò tó yẹ

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kó ṣáájú, kì í ṣe ìpè lójijì. Ẹni tó ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mìíràn ní Ẹdẹ kò lè sọ̀rọ̀ owó oṣù tuntun níwájú ọ̀gá náà ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn agogo márùn-ún, ló dára. Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tàbí ímeèlì tó kọ sínú ìwé ìbéèrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá lo Wásáàpù, ẹ rí i pé orúkọ ilé iṣẹ́ ló hàn níbẹ̀, kì í ṣe fọ́tò ọmọ yín tó ń jó.

Aago méjì ni kí ẹ fún un láti yàn, kì í ṣe "ìgbàkúgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn", èyí tó máa ń di ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ yẹra fún agogo méjìlá àbọ̀ sí agogo méjì àbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì nítorí ìrun Jímọ̀, àti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà, ẹ má pè láti inú mọ́tò ní ìkóríta Ọláìyá. Ariwo fèrè ọkọ̀ á gbé iye owó mì, ẹni náà á sì gbọ́ àádọ́rùn-ún dípò àádọ́fà.

Bí ẹ ò bá rí èsì lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá gbé e, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́, nítorí dátà lè ti tán lórí fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá kọjá láìsí èsì, ẹ fún un ní ọjọ́ kan péré sí i, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa pe ẹlòmíràn. Nọ́ńbà onídùúró tàbí ẹ̀gbọ́n tó kọ sínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀nà láti wá a kiri. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ti sọ fún ilé pé òun ń wá iṣẹ́ mìíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Èsì tó dára máa ń ní ọjọ́ àti aago nínú. "Ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín" kì í ṣe èsì sí ìbéèrè yín. Ẹ padà béèrè pé, "Ṣé Ọjọ́bọ̀ ni àbí Àbámẹ́ta?"

Ìpele 4: Lórí ìpè náà gan-an

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ẹ wà níbi tí ẹ ti lè sọ̀rọ̀?" Bí ó bá ní rárá, ẹ sún un sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ owó oṣù, ọjọ́ tí ẹ máa ń san án, àkókò iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ìdánwò, àti onídùúró. Ẹ sọ ọ́ tán kí ẹ tó dákẹ́. Kó má jẹ́ pé ẹ ń sọ owó, ẹ ń bi í pé ṣé ó gbà. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láti rò ó lẹ́yìn tí ó bá rí lẹ́tà. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí ẹ fi ipá fà jáde lórí fóònù ni ó máa ń yí padà nígbà tó bá délé ṣírò owó ọkọ̀ Ẹdẹ sí Òṣogbo.

Onídùúró yẹ kó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ níbí ń béèrè onídùúró méjì, ọ̀kan nínú wọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí ní sẹkitéríàtì Abẹ̀rẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kó mú fọ́tò àti ìwé ìdánimọ̀ wá. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lórí ìpè, òun ló máa ba ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́.

Ó wá ku ọjọ́. Ẹ má bi í pé, "Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?" Ẹ bi í pé, "Iye ọjọ́ nótíìsì wo ló wà nínú ìwé àdéhùn yín?" Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fi iye tó kéré jù lọ lélẹ̀ fún àwọn akọ̀wé àti àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó pé ọdún márùn-ún. Pẹ̀lú ọdún mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin máa béèrè lọ́wọ́ arábìnrin wa. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tirẹ̀ sọ oṣù kan, oṣù kan náà ló sì gbọ́dọ̀ fún wọn.

Wọ́n jọ ka ọjọ́ náà lórí fóònù. Lẹ́tà á dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ó ní òun á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 7, òun á sì fi nótíìsì sílẹ̀ ní Ẹdẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8. Oṣù kan á gbé e dé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó mọ́gbọ́n dání. Ọ̀gá fẹ́ kó tètè wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bi í pé kò ha lè fi ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣe nótíìsì. Alábòójútó dá sí i níbẹ̀. Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ láìpé oṣù kan, wọ́n lè béèrè owó dípò ọjọ́ tó kù, ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí ilé ìtajà oògùn náà gan-an ń béèrè kò sì ní jáde. Ohun tó tọ́ láti bi í ni bóyá ó ní ọjọ́ ìsinmi tí kò tíì lò, tí ọ̀gá rẹ̀ lè gbà kó lò nínú oṣù nótíìsì. Kò ní. Ọjọ́ 12 dúró, ó sì wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ pé àwọn ò lè dúró kọjá rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 19.

Ẹ sọ owó oṣù àkọ́kọ́ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì nínú oṣù kẹwàá 2026 jẹ́ 22, bí a bá ka ìsinmi òmìnira mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 12 dé ọjọ́ 30 jẹ́ 15. Ẹ pín 110,000 sí 22, ó jẹ́ 5,000 náírà lójúmọ́. Ọjọ́ 15 á jẹ́ 75,000 náírà. Ó gbọ́ ọ lórí fóònù, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó dágbére, ẹ ní kó tún owó oṣù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó máa fún yín lésì sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Bí èyí tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí ìwé yín, orí fóònù náà ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Ìpele 5: Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà

Ẹ tẹ àkópọ̀ ránṣẹ́ ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún: owó oṣù kí ẹ tó yọ ohunkóhun, owó oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ àti aago ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó máa mú wá, ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ fi kún un pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ dúró lórí lẹ́tà tí ó fọwọ́ sí àti fọ́ọ̀mù onídùúró tó pé. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ kejì. Òfin Iṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àwọn àlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ fi lẹ́tà wé àkópọ̀ náà kí ó tó jáde. Akọ̀wé tó bá lo lẹ́tà òṣìṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá lè gbàgbé owó àtijọ́ sínú rẹ̀.

Bí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn lẹ́yìn ìpè, ẹ béèrè ìdí. Bí ó bá jẹ́ pé onídùúró ni kò tíì rí, ẹ lè sún ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹdẹ ti fi owó kún tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó pinnu láàárín iye ọjọ́ tí ẹ ti fún un, kí ẹ má sì wọ inú ìdíje owó tí ọ̀gá ò fọwọ́ sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́tà tí ó fọwọ́ sí ti wà nínú fáìlì yín, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì bá ti àkópọ̀ mu. Lọ́jọ́ tó bá fi nótíìsì sílẹ̀, kó sọ fún yín. Ìgbà náà ni kí ẹ wá pe ẹni tó ṣe ìkejì, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà.